Pútù tí owó wà lẹ́yìn rẹ̀: ẹ ka owó yín kí ẹ tó sún un síwájú

"Ẹ kú iṣẹ́ o. 15,000 dọ́là ló wà nínú àkáǹtì mi. Nígbà tí ṣíà ilé-iṣẹ́ kan wà ní 50 dọ́là, mo ta pútù mẹ́ta lórí rẹ̀ ní iye àdéhùn 45, ọlọ́jọ́ 35, wọ́n sì san 90 sẹ́ǹtì fún mi lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan, torí wọ́n ní bí èèyàn ṣe ń ra ṣíà lẹ́dìínwó nìyẹn. Mo rí i pé owó ṣì kù lójú ìkànnì alágbàtà mi, mo bá tún ta méjì lórí ilé-iṣẹ́ mìíràn ní iye àdéhùn 30, wọ́n san 60 sẹ́ǹtì. Ṣíà àkọ́kọ́ ti já sí 41 báyìí, ó ku ọjọ́ 8, 4.15 ni wọ́n ń ta pútù náà. Ṣíà kejì wà ní 31, pútù tirẹ̀ sì jẹ́ 40 sẹ́ǹtì. Ẹnì kan ní kí n sún un sí oṣù tó ń bọ̀, ẹlòmíràn ní wọ́n lè gbé ṣíà náà lé mi lọ́wọ́ nígbàkígbà. Ṣíà àkọ́kọ́ yẹn wù mí ní tòótọ́. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ sísún tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, ká ka owó, torí ibẹ̀ ni wàhálà yín wà, kì í ṣe inú 41 dọ́là. Pútù jẹ́ àdéhùn tó fún ẹni tó rà á lọ́wọ́ yín ní ẹ̀tọ́ láti ta ṣíà fún yín ní iye àdéhùn, ọ̀kan sì dúró fún ṣíà 100. Mẹ́ta ní iye àdéhùn 45 túmọ̀ sí pé ẹ ti ṣèlérí láti san 13,500 dọ́là bí ẹni tó ra pútù náà bá ní kí ẹ wá gba ṣíà. Méjì ní 30 jẹ́ 6,000. Gbogbo ìlérí yín wá di 19,500. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni 15,000, pẹ̀lú prẹ́míọ̀mù 270 àti 120 tí wọ́n san fún yín, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 15,390. Ó ku 4,110 dọ́là tí kò sí níbì kankan. Nígbà tí ẹ ta mẹ́ta àkọ́kọ́, owó wà lẹ́yìn wọn pérépéré. Ìgbà tí ẹ fi méjì kún un ni ẹ kúrò nínú títa pútù tó ní owó lẹ́yìn, tí ẹ bọ́ sínú títa pútù lórí àwìn, kò sì sí ẹni tó kì yín nílọ̀.

Ìdí tí ojú ìkànnì fi ní owó ṣì kù ni pé irú àkáǹtì tí ẹ ń lò jẹ́ èyí tí alágbàtà ti ń yáni lówó. Nínú irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀, kì í ti gbogbo owó tí ẹ máa fi ra ṣíà mọ́lẹ̀. Ìṣirò tó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà ni pé wọ́n á mú iye pútù náà fúnra rẹ̀, wọ́n á fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún iye ṣíà kún un, wọ́n á wá yọ iye tí ṣíà ṣì fi ga ju iye àdéhùn lọ kúrò. Ohun tó bá ṣẹ́ kù kò gbọ́dọ̀ kéré sí iye pútù pẹ̀lú ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún iye àdéhùn. Alágbàtà lè béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí ṣíà àkọ́kọ́ wà ní 50, ìdá 20 rẹ̀ jẹ́ 10 dọ́là, ẹ yọ 5, ẹ fi 90 sẹ́ǹtì kún un, ó di 5.90 lórí ṣíà kan, ìyẹn 590 dọ́là lórí pútù kan. Pútù tó lè gba 4,500 lọ́wọ́ yín, 590 péré ni wọ́n tì mọ́lẹ̀ nítorí rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ síwájú yín gẹ́gẹ́ bí "Buying Power" kì í ṣe owó yín tó ṣẹ́ kù. Iye tí wọ́n ṣì fẹ́ jẹ́ kí ẹ fi wọ ewu ni.

Ìṣirò yẹn kì í sì í dúró sójú kan. Ní báyìí tí ṣíà wà ní 41, ìdá 20 rẹ̀ jẹ́ 8.20, kò sí nǹkan kan láti yọ mọ́, ẹ fi 4.15 kún un, ó di 12.35. Ohun tí wọ́n ń béèrè lórí pútù kan ti kúrò ní 590, ó ti di 1,235, ó ju ìlọ́po méjì lọ, bẹ́ẹ̀ ṣíà kò tíì já tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ọjà bá ń burú sí i ni wọ́n ń béèrè owó sí i, ìgbà tí kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá ti gbogbo iye àdéhùn mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ní rí ìpè yìí láéláé, torí kò sí iye tí ṣíà lè já dé tó máa mú kó jẹ ju ohun tó ti yà sọ́tọ̀ lọ. Àǹfààní tó wà nínú fífi owó ti pútù lẹ́yìn nìyẹn. Àdánù lè pọ̀, àmọ́ kò lè bá yín lójijì lóru kí ẹ má rí ohun tí ẹ máa fi san án.

Mi ò fẹ́ fi kún ewu tó wà níbẹ̀ o. Bí wọ́n bá gbé ṣíà méjèèjì lé yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan náà, alágbàtà yóò yá yín ní 4,110 yẹn, yóò sì máa gba èlé lórí rẹ̀ lójoojúmọ́. Àkáǹtì yín kò ní dà wó lọ́jọ́ yẹn. Ohun tó máa yí padà ni pé ẹ ò ní láǹfààní láti fi sùúrù dúró mọ́. Bí ṣíà bá tún já gan-an, alágbàtà lè ní kí ẹ mú owó wá, bí ẹ ò bá sì mú un wá, ó lè ta ṣíà yín ní iye tó bá bá lọ́jà, láìdúró gbọ́ ohun tí ẹ rò nípa ilé-iṣẹ́ náà. Ṣíà kejì ṣì wà lókè iye àdéhùn rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ dọ́là kan péré ló fi ga jù ú, ọjà tó bá sì ń fa ọ̀kan lulẹ̀ kì í sábà dá èkejì sí.

Nítorí náà, ohun tí mo máa kọ́kọ́ ṣe bó bá jẹ́ èmi ni láti ra pútù méjì tó wà lórí ilé-iṣẹ́ kejì padà lónìí. Lójú ìkànnì, ẹ ó yan "Buy to Close", ẹ ó fi iye kan pàtó sí i, kí ẹ má lo èyí tó ń rà ní iyekíye tí ọjà bá sọ. Ní 40 sẹ́ǹtì, 80 dọ́là ni yóò ná yín. 120 ni ẹ gbà nígbà tí ẹ tà á, ẹ ṣì jèrè 40 kí owó iṣẹ́ alágbàtà tó kúrò níbẹ̀. Owó yín á ku 15,310, ìlérí yín á sì dín sí 13,500, ẹ ó ní 1,810 tí kò sí ohun tó so mọ́ ọn. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ ra ọ̀kan lára mẹ́ta àkọ́kọ́ padà ní 4.15. Ìyẹn á ná yín ní 415, owó yín á ku 14,975, ìlérí yín á jẹ́ 15,000. Lẹ́yìn àdánù 325 dọ́là, 25 dọ́là ṣì máa dín. Ẹ rí i pé ti ilé-iṣẹ́ kejì ló dín owó jù, kò sì yẹ kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn, torí bí ṣíà náà bá já sí 28, pútù tó jẹ́ 40 sẹ́ǹtì lónìí á ti kọjá 2 dọ́là.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀dínwó tí wọ́n sọ fún yín. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ wọn kì í sọ ọ́ tán. Bí ẹ bá ra ṣíà ní 45 lẹ́yìn tí ẹ ti gba 90 sẹ́ǹtì, iye tó dé ọwọ́ yín jẹ́ 44.10. Tí ẹ bá fi wé 50 tí ṣíà wà lọ́jọ́ tí ẹ ta pútù, ẹ̀dínwó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Àmọ́ kò sí ẹni tó máa gbé ṣíà fún yín ní 45 nígbà tó bá jẹ́ 50 lọ́jà. Ìgbà tó bá ti já sísàlẹ̀ 45 nìkan ni wọ́n máa gbé e wá, lọ́jọ́ yẹn ó sì ṣeé ṣe kí 44.10 yín wọ́n ju tọjà lọ, bó ṣe rí ní báyìí. Ẹ̀dínwó lórí iye àná ni, kì í ṣe lórí iye ọjọ́ tí ẹ rà á. Àlàfo tín-ín-rín tó wà láàárín 44.10 àti 45 nìkan ni ibi tí ẹ ti lè gba ṣíà kí ó sì jẹ́ pé ẹ rà á ní pọ́ọ́kú ju ẹni tó rà á lọ́jà lọ́jọ́ náà.

Ṣé ìyẹn wá fi hàn pé ẹ ṣe àṣìṣe? Rárá. Ẹni tó yẹ ká fi yín wé ni ẹni tó fi àṣẹ sílẹ̀ pé kí wọ́n ra ṣíà náà fún òun bó bá dé 45. Onítọ̀hún ti rà á nígbà tó ń já kọjá níbẹ̀, 45 gan-an ló san, òun náà ń wo 41. Ẹ fi 90 sẹ́ǹtì sàn jù ú lọ. Ohun tí òun náà fi sàn jù yín lọ ni pé, ká ní ìròyìn burúkú jáde nígbà tí ṣíà ṣì wà ní 48, yóò pa àṣẹ rẹ̀ rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tí ẹ̀yin máa ní láti ra pútù yín padà ní iye tó ti gbówó lórí. Ó tún wà pé, bí ṣíà bá fẹsẹ̀ kan 45 lọ́sẹ̀ kejì tó sì wá fò lọ sí 55 kí ọjọ́ ìparí tó dé, òun ti ní ṣíà lọ́wọ́, ẹ̀yin ní 90 sẹ́ǹtì. Owó ìdúró tí wọ́n ń san fún yín wà nítorí ohun méjì yìí. Fún ìdí kan náà ni mo fi máa ń wo ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ máa kéde èrè rẹ̀ kí n tó ta pútù kankan. Bí ọjọ́ yẹn bá bọ́ sáàárín, prẹ́míọ̀mù á wuni gan-an, àmọ́ ṣíà lè kúrò ní 50 lálẹ́ kó ṣí ní 40 láàárọ̀, kò sì ní sí iye kankan láàárín méjèèjì tí ẹ ti lè jáde.

Ẹni tó ní wọ́n lè gbé ṣíà lé yín lọ́wọ́ nígbàkígbà kò purọ́. Pútù lórí ṣíà ilé-iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà jẹ́ irú èyí tí ẹni tó rà á lè lò lọ́jọ́ ọjà èyíkéyìí kí ó tó parí. Bó bá lò ó, ilé-iṣẹ́ OCC tó wà láàárín olùrà àti olùtà yóò yan alágbàtà kan láìwo ojú ẹnikẹ́ni, alágbàtà náà yóò sì yan ọ̀kan lára àwọn oníbàárà rẹ̀ tó ta irú pútù bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun tí olùrà máa pàdánù. Pútù tó jẹ́ 4.15 lọ́jà nígbà tí ṣíà wà ní 41 ní 4 dọ́là tó jẹ́ iye gidi, ìyẹn 45 tí a yọ 41 kúrò nínú rẹ̀, àti 15 sẹ́ǹtì tó jẹ́ iye àkókò tó kù. Bí olùrà bá lò ó lónìí, ó ti sọ 15 sẹ́ǹtì yẹn nù. Èrè tó lè rí nínú kíkánjú ni èlé lórí 4,500 dọ́là tó máa tètè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ní ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ọjọ́ 8 kò mú ju nǹkan bíi 4 dọ́là wá, ìyẹn 4 sẹ́ǹtì lórí ṣíà kan. Kò tíì yẹ kó kánjú. Bí ṣíà bá tún já sí 38, iye àkókò á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ìgbà yẹn ni ẹ lè máa retí rẹ̀. Àmì tí ẹ máa wò ni iye tí àwọn olùrà ọjà fẹ́ san fún pútù yín: bí ó bá ti bọ́ sísàlẹ̀ iye gidi rẹ̀, lílò ó sàn fún ẹni tó ni ín ju títà á lọ. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá sì fẹ́ pín èrè fún àwọn oníṣíà, ẹni tó ní ṣíà àti pútù pọ̀ sábà máa ń dúró di ìgbà tí èrè yẹn bá ti di tirẹ̀ kó tó lò ó.

Kí ni yóò bà jẹ́ fún yín bí wọ́n bá gbé e wá ṣáájú ọjọ́? Bí owó bá pé, kò sí. Ẹ ó san 45 tí ẹ ti mọ̀, prẹ́míọ̀mù ṣì jẹ́ tiyín. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pé nìkan ló yẹ kó máa bẹ̀rù ìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ yanjú ti ilé-iṣẹ́ kejì.

Ẹni tó ní kí ẹ sún un ń sọ pé kí ẹ ra pútù yìí padà ní 4.15, kí ẹ tún ta ti ọ̀sẹ̀ márùn-ún síwájú ní 45 kan náà. Ká ní wọ́n ń san 4.85 lórí èyí tuntun náà, 70 sẹ́ǹtì máa wọlé lórí ṣíà kan, iye tó dé ọwọ́ yín á sì kúrò ní 44.10, á di 43.40. Ó dùn létí. Àmọ́ ẹ wo ohun tí ẹ fi san án: 4,500 dọ́là lórí pútù kọ̀ọ̀kan á tún wà ní títì fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ẹ ò ní ní ṣíà, bó bá sì fò lọ sí 52, 45 ni òkè tiyín. Ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé sísún kò pa àdánù rẹ́. Pútù àkọ́kọ́ ti tì ní àdánù 3.25 lórí ṣíà kan, ẹ sì ti wọ àdéhùn mìíràn ni. Sísún dára fún ẹni tí kò fẹ́ ṣíà náà rárá tó ń wá prẹ́míọ̀mù nìkan, tàbí ẹni tó ṣì gbà á lọ́kàn àmọ́ tí owó tó máa fi gbà á kò tíì dé. Ẹ̀yin sọ pé ṣíà náà wù yín. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹ torí rẹ̀ ta pútù ló ti dé yìí, mi ò rí ìdí tí ẹ fi máa sá fún un. Ohun kan tí mo kìlọ̀ gidigidi fún yín ni pé kí ẹ má sún un bó bá jẹ́ ẹ̀yin ló máa fi owó kún un. Ìgbà tí ṣíà bá ti já jìnnà sí iye àdéhùn, tí iye àkókò ti tán lára pútù méjèèjì, owó tó máa wọlé nínú sísún lè dín sí sẹ́ǹtì díẹ̀, iye tí ẹ máa fi rà àti iye tí ẹ máa fi tà tí kò bára mu á sì jẹ ẹ́ tán.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ara yín ni bóyá ẹ ṣì máa ra ṣíà yìí ní 41 lónìí ká ní ẹ ò ta pútù kankan. Gbígba ṣíà ní 45 nígbà tó jẹ́ 41 àti rírà á lọ́jà ní 41 lẹ́yìn tí ẹ ti gba àdánù pútù, ohun kan náà ni wọ́n lórí ìwé, àyàfi sẹ́ǹtì díẹ̀. Mi ò mọ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí náà ẹ̀yin nìkan lẹ lè dáhùn. Bó bá jẹ́ pé ọjà gbogbo ló lọ sílẹ̀, tí ohun tó mú yín fẹ́ràn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹ gbà á. Bó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti yí padà, bíi kó kéde pé èrè òun máa já tàbí kí gbèsè rẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹ ra pútù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà. Yóò ná yín ní 1,245, ẹ yọ 270 tí ẹ gbà, àdánù yín á jẹ́ 975. Ó dunni, àmọ́ owó tó kù ṣì pọ̀.

Mo tún rí ohun kan tí ẹ ò béèrè. Pútù mẹ́ta lórí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo gba 13,500 nínú 15,000, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ohun tí ẹ ní. Kódà bí ṣíà náà bá dára, ìyẹn ti pọ̀ jù fún ilé-iṣẹ́ kan. Ọ̀kan péré ló yẹ kí ẹ ti tà, bí ẹ bá sì rí i pé ọkàn yín kò balẹ̀ báyìí, ẹ lè gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹ sì ta ṣíà 100 tàbí 200 nínú wọn lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ìwọ̀n tí mo fara mọ́ ni pé kí iye àdéhùn gbogbo pútù tó wà lórí ilé-iṣẹ́ kan má kọjá ohun tí ẹ máa fi ra ṣíà rẹ̀ lọ́wọ́ kan bí pútù kò bá sí láyé. Àwọn èèyàn sábà máa ń tà púpọ̀ torí prẹ́míọ̀mù kan dà bí owó kékeré lójú wọn, ìlérí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kì í hàn.

Ní ọjọ́ ìparí, tó sábà máa ń jẹ́ Fúráìdè, ọjà tì ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní Niu Yọ́ọ̀kù. Pútù èyíkéyìí tí ṣíà rẹ̀ bá fi sẹ́ǹtì kan péré lọ sísàlẹ̀ iye àdéhùn, OCC á lò ó fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé olùrà sọ̀rọ̀. Àmọ́ olùrà ṣì ní àyè títí di aago 5:30 láti yí ìyẹn padà, alágbàtà tirẹ̀ sì lè ní kó tètè sọ ọ́ ṣáájú àkókò yẹn. Ìdí nìyẹn tí pútù tí ṣíà rẹ̀ tì ní 45.05 ṣì fi lè já sí yín lọ́wọ́ bí ìròyìn bá jáde lẹ́yìn tí ọjà tì, tí ṣíà sì já sí 43 lẹ́yìn náà. Ẹ má ṣe fi owó tí ẹ yà sọ́tọ̀ ra ohun mìíràn ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè torí ẹ rò pé ẹ ti bọ́. Àbájáde rẹ̀ á hàn nínú àkáǹtì yín kí ọjà tó ṣí lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Láti ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 2024 ni ìsanwó ṣíà ní Amẹ́ríkà ti ń parí ní ọjọ́ ọjà kan péré lẹ́yìn ìdúnàádúrà, nítorí náà owó yín gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹni tó bá ń rò pé òun máa fi owó ránṣẹ́ láti báńkì nígbà tó bá rí ìwé náà ti pẹ́.

Owó tí ẹ tì mọ́lẹ̀ kò yẹ kó sùn lásán fún ọjọ́ 35 o. Àwọn alágbàtà kan ń jẹ́ kí ẹ fi í sínú ìwé gbèsè ìjọba Amẹ́ríkà ọlọ́jọ́ kúkúrú tàbí sínú àpò owó tó ń ra irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì ṣì kà á mọ́ ohun tó ti pútù yín lẹ́yìn. Àwọn mìíràn kò gbà, owó lásán nìkan ni wọ́n ń kà. Ẹ bi alágbàtà yín léèrè kí ẹ tó rà á, kí ẹ sì mọ̀ bóyá ó máa tà á fúnra rẹ̀ bí ṣíà bá dé, tàbí ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ tà á. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin, ẹ tà á lọ́jọ́ Tọ́sìdè ọ̀sẹ̀ tí pútù máa parí.

Bí ṣíà bá dé ọwọ́ yín, ẹ kọ 44.10 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye tí ẹ rà á, kì í ṣe 45. Ní òfin owó orí Amẹ́ríkà, prẹ́míọ̀mù pútù tó yọrí sí ríra ṣíà máa ń dín iye tí ẹ rà á kù, wọn kì í ka prẹ́míọ̀mù náà sí èrè lọ́tọ̀, ọjọ́ tí ẹ gba ṣíà ni kíka ìgbà tí ó ti wà lọ́wọ́ yín sì bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ ta pútù.

Láti ibẹ̀, ọ̀pọ̀ á ní kí ẹ máa ta kọ́ọ̀lù lórí ṣíà yẹn, ìyẹn àdéhùn tó fún ẹni tó rà á ní ẹ̀tọ́ láti ra ṣíà náà lọ́wọ́ yín ní iye àdéhùn. Ó dára, àmọ́ ẹ ṣọ́ iye àdéhùn tí ẹ yàn. Ká ní ṣíà wà ní 41, wọ́n ń san 1.80 lórí kọ́ọ̀lù 42 ọlọ́sẹ̀ márùn-ún, wọ́n sì ń san 85 sẹ́ǹtì lórí ti 45. Èyí àkọ́kọ́ wuni jù. Àmọ́ 44.10 tí a yọ 1.80 kúrò nínú rẹ̀ jẹ́ 42.30, bí ṣíà bá gòkè lọ sí 46, 42 ni wọ́n máa rà á lọ́wọ́ yín, ẹ ó sì pàdánù 30 sẹ́ǹtì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 90 dọ́là lórí ṣíà 300, nígbà tí ohun tí ẹ dúró dè gan-an ti ṣẹlẹ̀. Ti 45 á mú iye tí ẹ rà á wá sí 43.25, bí wọ́n bá sì gbà á lọ́wọ́ yín, ẹ ó jèrè 1.75 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 525 dọ́là. Bí ṣíà bá ti já débi pé kò sí kọ́ọ̀lù kankan lókè 44.10 tó ń san ju sẹ́ǹtì díẹ̀ lọ, ẹ má tà á. Ẹ di ṣíà yín mú lásán títí yóò fi gbé orí díẹ̀, tàbí kí ẹ tà á bí ìdáhùn yín sí ìbéèrè 41 yẹn bá ti yí padà.